Ẹ má yí àkáǹtì oníṣòwò padà láì pè é

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa ní ọ́fíìsì Òkè-Fìà àti ní sítọ́ọ̀ Ìgbóna,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ímeèlì kan wọlé pé ẹni tó ń ta bébà fún wa ti pààrọ̀ báńkì, kí á san owó rẹ̀ sí àkáǹtì tuntun kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmì ilé-iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, iye tá a jẹ wọ́n sì pé géérégé. Irọ́ ni. "r" àti "n" ni àwọn olè kọ pọ̀ dípò "m" nínú àdírẹ́sì náà. Ẹni tó ń kánjú kò lè rí i. Nígbà mìíràn, àdírẹ́sì gidi ni wọ́n ń lò, torí wọ́n ti já wọ ímeèlì oníṣòwò fúnra rẹ̀.

Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá dé sí, ì báà jẹ́ lórí Wátsáàpù, kó má fèsì. Ẹ pe oníṣòwò náà lórí nọ́ńbà tó ti wà nínú fáìlì wa tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó bá ìwé tuntun wá, ọ̀dọ̀ olè ló máa dún. Èèyàn 2 gbọ́dọ̀ buwọ́ lu àyípadà kankan. Bí orúkọ tí báńkì gbé jáde bá yàtọ̀, ẹ dáwọ́ dúró.

Bí ọ̀gá bá ń kán yín lójú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Bí owó bá ti lọ, ẹ sọ fún wa lójú ẹsẹ̀, ká lè ké sí báńkì kí olè tó kó o jáde. A ò ní bá ẹni tó tètè sọ wí.

Ẹ̀ka Ìṣúná, Òṣogbo