Ìwé Ìfòpin sí Iṣẹ́ ní Àkókò Ìdánwò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 2025

Láti ọ̀dọ̀ Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́
Sí Arábìnrin Fọlákẹ́, Akọ̀wé Owó, Ẹ̀ka Ìṣirò Owó
Ìwé àṣírí, tí a fi lé yín lọ́wọ́

Arábìnrin Fọlákẹ́ ọ̀wọ́n,

ÌFÒPIN SÍ IṢẸ́ YÍN NÍ ÀKÓKÒ ÌDÁNWÒ

Kò rọrùn fún mi láti kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé tí a bá yín ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ 10, oṣù Keje, ilé-iṣẹ́ ti pinnu pé a kò ní fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀. Iṣẹ́ yín pẹ̀lú wa yóò parí ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta lẹ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí kí ẹ tó wọlé sọ pé oṣù mẹ́fà ni àkókò ìdánwò, ìyẹn ni pé ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án ni ì bá parí. Ìpín kẹrin ìwé kan náà sọ pé láàárín oṣù mẹ́fà yìí, ilé-iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ lè fòpin sí iṣẹ́ náà, bí ó bá ti kọ̀wé sọ fún ẹnì kejì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ìwé náà rèé. Láti ọ̀la, ọjọ́ 15, ni ọ̀sẹ̀ méjì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò ní láti wá sí ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Òṣìṣẹ́ wa lẹ ṣì jẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28, owó yín kò sì dín. A ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè ráyè wá iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń fura sí yín. Bí a bá nílò láti béèrè ibi tí fáìlì kan wà, fóònù la ó fi pè yín, ní àkókò iṣẹ́ nìkan.

Ó tọ́ kí ẹ mọ ohun tó fà á, kí ẹ sì rí i ní kíkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló wà lókè nínú ìwé àpèjúwe iṣẹ́ yín: kí a fi àkáǹtì ilé-iṣẹ́ wé ìwé bánkì lóṣooṣù kí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e tó tán, àti kí a yẹ ìwé owó àwọn oníbàárà wò dáadáa kí a tó gbé e síwájú ẹni tí yóò san án. Lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ti oṣù Kẹrin pẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 9, ti oṣù Karùn-ún pẹ́ ní ọjọ́ 6, ti oṣù Kẹfà kò sì tíì parí nígbà tí a jókòó ní ọjọ́ 10, oṣù Keje. Ẹ rí i pé a kò ka oṣù Kẹta mọ́ ọn. Ẹ sọ fún wa ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé rúdurùdu ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín fi ìwé sílẹ̀. A ṣí dúrọ́ọ̀ náà fúnra wa, a rí ìwé bánkì oṣù Kejì tí wọ́n ká pọ̀ mọ́ rìsíìtì ọdún tó kọjá. Òótọ́ lẹ sọ, a sì yọ oṣù náà kúrò.

Lórí iṣẹ́ kejì, ìwé owó mẹ́rin ni a san lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà. Èyí tó dùn wá jù ni ìwé owó tó ní nọ́ḿbà 417. A san án ní ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, a tún san án ní ọjọ́ 22, oṣù kan náà, nítorí pé wọ́n tẹ nọ́ḿbà rẹ̀ bíi 471 nígbà kejì. Orúkọ oníbàárà kan náà ni, iye kan náà ni, ọjọ́ kan náà ló sì wà lókè ìwé méjèèjì. Irú èyí ni àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ yín wà fún. Mẹ́ta nínú owó mẹ́rin náà ti padà. Ti ẹ̀kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, a ò sì ní bi yín léèrè rẹ̀.

A bá yín sọ̀rọ̀ lórí nǹkan wọ̀nyí ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ní ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, àti ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà. Ìwé ohun tí a sọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Ní ìpàdé kejì a ṣàdéhùn pé akọ̀wé àgbà yóò jókòó tì yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé a ó gba ìpè fóònù kúrò lórí tábìlì yín ní òwúrọ̀, a sì fún yín ní ìwé àyẹ̀wò olójú-ewé kan tí ẹ ó máa fi sí iwájú ìwé owó kọ̀ọ̀kan. A ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé owó méjì nínú mẹ́rin náà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ìwé àyẹ̀wò lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ẹ mú ẹlẹgbẹ́ yín kan wá sí ìpàdé gẹ́gẹ́ bí ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́ sí, ẹ sì bẹ̀ wá pé kí a sún àkókò ìdánwò síwájú ní oṣù mẹ́ta. A rò ó dáadáa kí a tó dáhùn. Ìdí tí a kò fi gbà ni pé ìrànlọ́wọ́ tí a lè ṣe ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a ti ṣe, a ò sì rí ẹ̀rí pé àbájáde rẹ̀ yóò yí padà. Ẹ tún sọ pé ẹni méjì ló ń rán yín níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù Kẹrin, a sì tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, nítorí náà kò lè jẹ́ ìdí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Àdéhùn 158 tí Àjọ Tó ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Lágbàáyé ṣe lọ́dún 1982 gbà pé kí orílẹ̀-èdè yọ ẹni tó wà ní àkókò ìdánwò kúrò lábẹ́ ààbò rẹ̀, bí gígùn àkókò náà bá mọ níwọ̀n tí a sì ti sọ ọ́ ṣáájú. A kò fara pamọ́ sẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tí a bá fẹ́ dá dúró torí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹ kó rojọ́ tirẹ̀ kí a tó pinnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gbangba: ọjọ́ mẹ́rin tí ara yín kò fi yá ní oṣù Kẹfà kò sí lára ohun tí a wò, a sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ọjọ́ tí iṣẹ́ fi pẹ́. Kò sí ẹ̀sùn ìwà burúkú tàbí àìṣòótọ́ kankan nínú ìwé yìí. Kò sì sí nínú fáìlì yín.

Ní ti owó yín. Oṣù Keje ní ọjọ́ iṣẹ́ 23, láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 28 sì jẹ́ 20. A ó san owó ọjọ́ 20 náà pé. Ìsinmi yín jẹ́ ọjọ́ 24 lọ́dún, ìyẹn ọjọ́ méjì lóṣù. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ 26 lẹ máa fi ṣiṣẹ́ lápapọ̀, ṣùgbọ́n a ti ka oṣù karùn-ún sí odindi, ó di ọjọ́ 10. Ẹ ti lo mẹ́ta nínú rẹ̀, ó ku méje, a ó sì san án bí owó. Ọjọ́ 27 ni gbogbo rẹ̀, a ó sì pín owó-oṣù yín sí 23 kí a tó fi 27 sọ ọ́ di púpọ̀. Owó ọkọ̀ tí ẹ fi lọ sí bánkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní oṣù Kẹfà, tí ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ wá, yóò wà lórí rẹ̀, a kò sì ní gba owó orí lórí ìyẹn.

Ohun tí a ó yọ ni owó orí, owó ìfẹ̀yìntì tó kan yín, àti ìyókù owó àsansílẹ̀ tí ẹ gbà ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún. Ìdajì owó-oṣù ni owó náà, ẹ ti dá ìdajì rẹ̀ padà, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin owó-oṣù ló kù. Ẹ fọwọ́ sí ìwé nígbà náà pé a lè yọ ọ́ bí iṣẹ́ bá parí, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpòòwé yìí. A kò ní yọ nǹkan mìíràn. Ojú kọ̀ǹpútà tó sán ní oṣù Kẹrin kò sí nínú ìṣirò yìí, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31, oṣù Keje ni owó náà yóò wọ àkáǹtì bánkì tí owó-oṣù yín ń gbà wọlé. Ìwé ìsanwó tó fi gbogbo ìṣirò hàn yóò dé ímeèlì yín lọ́jọ́ kan náà. Owó ìfẹ̀yìntì tí àwa àti ẹ̀yin ti dá títí di oṣù Keje jẹ́ tiyín, ibi tí ẹ fi í sí náà ni yóò wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá kọ̀ǹpútà, káàdì ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ padà títí ọjọ́ 18, oṣù Keje. Bí kò bá rọrùn fún yín láti wá, ẹ pè mí, a ó rán ẹnìkan wá gbà á. Owó yín kò dúró de èyí. Ìwé àti nọ́ḿbà àkáǹtì àwọn oníbàárà ṣì jẹ́ àṣírí lẹ́yìn ọjọ́ 28, gẹ́gẹ́ bí ìpín kẹsàn-án ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ti wí.

Bí ẹnìkan bá kọ̀wé béèrè nípa yín, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ parí àti ipò tí ẹ wà nìkan la ó kọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n fi kún un pé ẹ kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ àti pé ẹ bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, inú mi yóò dùn láti kọ ọ́, nítorí pé òótọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yín yóò wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 28.

Bí ẹ kò bá fara mọ́ ìpinnu yìí, ẹ lè kọ̀wé sí Olùdarí Àgbà títí di ọjọ́ 21, oṣù Keje, kí ẹ sọ ibi tí ẹ rò pé a ti ṣì í. Òun kò lọ́wọ́ nínú ìpinnu náà. Yóò pè yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ lè tún mú ẹlẹgbẹ́ yín dání, èsì rẹ̀ yóò sì tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ọjọ́ 28 tó pé. Ìwé yìí kò sì gba ẹ̀tọ́ yín láti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí sí ilé-ẹjọ́.

Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì láti fi hàn pé ìwé náà dé ọwọ́ yín. Kò túmọ̀ sí pé ẹ gba ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo wà ní ọ́fíìsì mi títí aago mẹ́rin lónìí àti lọ́la, fún ìbéèrè èyíkéyìí, pàápàá lórí ìṣirò owó.

Tiyín ní tòótọ́,

Bánkọ́lé
Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́

Ohun tó wà nínú àpòòwé: ẹ̀dà kejì ìwé yìí, ìwé ìpàdé ọjọ́ 10, oṣù Keje, ẹ̀dà ìwé owó àsansílẹ̀.