Lẹ́tà omi: ohun tí Ìyá Ìbejì sọ, àti bí mo ṣe kọ ọ́ sí Bàbá onílé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sórí wásáàpù mi lóru, mo tún un gbọ́ láàárọ̀. Kí ẹ má baà ní mo yí ọ̀rọ̀ yín po, bó ṣe ti ẹnu yín jáde rèé:

“Tíṣà, bá mi kọ̀wé sí bàbá yẹn. Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí omi ò yọ nílé yìí. Ṣé wọ́n fẹ́ kí n di mẹ́rúwà ni? Wọ́n ń gba owó omi lóṣooṣù, omi ò sí. Mo pe bàbá, kò gbé e. Mo pe kíátékà, ó ní òun ń bọ̀, títí dòní. Tó bá di owó ilé, ilẹ̀ ò tíì ní mọ́ tí wọ́n á ti máa gbá ilẹ̀kùn. Lánàá, ojú nìkan làwọn ọmọ mi bọ́ lọ sílé ìwé. Sọ fún un pé olè ni! Sọ fún un pé n ò san owó ilé mọ́, kó wá kó ẹrù mi síta kí n rí i!”

Mo yọ “olè” kúrò. Kíátékà ló ń gba owó omi, a ò sì mọ̀ bóyá ó ń dé ọwọ́ bàbá. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tí a bá pè lólè kì í ráyè tún omi ṣe, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa rò. Mo yọ ti owó ilé náà, torí tí a bá fi ìyẹn sí i, òun nìkan ni bàbá máa dáhùn. Ìyókù wà níbẹ̀ pátá. Ẹ gbọ́ ọ kí n tó fi ránṣẹ́.

Èbúté, Ìkòròdú
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025

Sí Bàbá wa, Àlàájì onílé, ní Ṣàgámù

Àsàlámù àlékúm, bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A gbàdúrà pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá kí wa lẹ́yìn Iléyá ti fúyẹ́.

Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kẹta ló rán mi níṣẹ́ yìí. Ojúlé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì fọwọ́ sí i.

Bàbá, omi bòhóòlù ilé yín dá láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án. Òní ló pé ọjọ́ 23. Ìyá Ìbejì pè yín lọ́jọ́ 23, 25 àti 30 oṣù náà, ó tún pè lọ́jọ́ 6 oṣù yìí. Fóònù yín dún, ẹ ò gbé e. A ò kà á sí ìwà àìbìkítà, àgbà ni yín, nǹkan lè pọ̀ lọ́rùn yín. Ṣùgbọ́n kíátékà mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wò ó, ó ní òun á padà wá, a ò tíì rí i.

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé ariwo lásán la ń pa. A dá ₦5,000 jọ, a pe pọ́ḿbà kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan kan kò ṣe tànkì orí òpó, páìpù kò jò, kàpásítọ̀ inú àpótí ń ṣiṣẹ́. Sùmó tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀ bòhóòlù ló jó. Nígbà tó fà á sókè, òórùn wáyà tó jó ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ó ní iná ló fà á: lójú alẹ́ iná kì í lágbára, tó bá di ọ̀gànjọ́ á ṣàdédé ga, kò sì sí ohunkóhun tó ń dá a dúró kó tó kan ẹ̀rọ. Ó ní tí a bá ra sùmó tuntun láìfi ohun tó ń ṣọ́ iná sí i, kò ní pẹ́ tí èyí náà á fi jó. Gbogbo rẹ̀, sùmó, wáyà, okùn, ohun tó ń ṣọ́ iná àti owó iṣẹ́, ó kọ ₦185,000. Fọ́tò ìwé tó kọ ń tẹ̀lé lẹ́tà yìí. Tí ẹ bá ní pọ́ḿbà tiyín tí yóò ṣe é ní owó tó kéré sí i, ẹ mú un wá, a ò ní bínú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé Ìyá Ìbejì nìkan ṣe àpẹẹrẹ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ onílítà 25 ló ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà lójúmọ́, ₦200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦1,600 lójúmọ́ nìyẹn, ₦36,800 fún ọjọ́ 23, ata ló sì ń tà. Lánàá, ojú nìkan làwọn ìbejì bọ́ lọ sílé ìwé. Òjò àrọ̀kúrò ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n páànù ilé ti dípẹtà, omi tó ń bọ́ láti orí rẹ̀ pupa bí epo. Kànga àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tó wà sí sókàwéè kò jìnnà. Láti ọdún 2024 tí kọ́lẹ́rà ti jà ní Èkó, kò sí abiyamọ tó fẹ́ bu omi níbẹ̀ fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ owó omi náà wà níbẹ̀, bàbá. ₦2,000 ni ojúlé kọ̀ọ̀kan ń san fún kíátékà lóṣooṣù. Láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹsàn-án, ₦144,000 ló yẹ kó jẹ́. Ẹnì kan jẹ oṣù kan, nítorí náà ₦142,000 ló wọlé. A ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. A kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí ayálégbé tó ń san irú owó báyìí gba rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí onílé sì máa kọ ìṣirò rẹ̀ fún un, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Òfin yẹn kan náà ló fi àtúnṣe ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò sọ́rùn onílé.

Ẹ jọ̀wọ́, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí bòhóòlù yìí ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21 oṣù yìí. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ bá wa rán ọkọ̀ omi kan wá kó bu sí tànkì. Tí owó kò bá sí lọ́wọ́ báyìí, ẹ fọwọ́ sí i lórí ìwé pé kí àwa ṣe é, kí a yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀. Láìsí ìwé yín, a ò ní yọ kọ́bọ̀ kan. Kí kíátékà sì mú ìṣirò ₦142,000 wá.

Tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ náà, a ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ibùdó ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún aráàlú. Wọn kì í gbowó níbẹ̀, wọn kì í sì í dájọ́, ṣe ni wọ́n á pe ẹ̀yin àti àwa jókòó. Ó wù wá ju ìyẹn lọ pé kí á jókòó sínú pálọ̀ yín.

Àwa ayálégbé yín,
Tíṣà yàrá kẹfà ló kọ ọ́, fún Ìyá Ìbejì àti gbogbo ilé.

Mo gbàgbé: Ìyá Ìbejì ní kí n fi èyí sí i bí òun ṣe sọ ọ́, kí n má tún un ṣe. “Àlàájì, tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ra búrẹ́dì fún wa bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Sùmó ni kẹ́ ẹ gbé dání.”