Ìlapa Ìwàásù: "Kí Ni O Ní Nílé?"

Bàbá Àlùfáà, ìwé ìwàásù yín olójú-ewé mẹ́sàn-án ni mo fún pọ̀ sí ibí yìí, kí ojú yín lè wà lára ìjọ, kó má wà nínú ìwé. Ìṣẹ́jú 25 ni ẹ ní, láti aago 10:20 sí 10:45. Aago tó ṣáájú ìpín kọ̀ọ̀kan ni ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí mo fi sínú àmì ọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà. Ìyókù, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́.

Ibi kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:1-7.

10:20. Ìbẹ̀rẹ̀
Ẹ má kí ìjọ pẹ́. Ẹ fi igbe opó náà wọlé: "Ọkọ mi ti kú. Olówó ti dé, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló fẹ́ kó lẹ́rú." (Ẹ dákẹ́ díẹ̀.) Ẹ ka ẹsẹ 1 sí 7 láìdánudúró ṣàlàyé.

10:24. Kókó kìíní: olóòótọ́ náà lè jẹ gbèsè
- Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì ni ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ gbèsè ló fi sílẹ̀.
- Gbólóhùn kan péré nípa òfin: Diutarónómì 15:12, Hébérù tó bá sin ẹnìkejì rẹ̀ fún ọdún 6 yóò di òmìnira ní ọdún keje. Kí ẹ wá sọ pé: "Ọdún mẹ́fà láìsí ọmọ nílé, ìyẹn ni ìyá yìí ń wò lójú."

Mo yọ ohun tí Jósífọ́ọ̀sì kọ, pé Obadáyà ni ọkọ rẹ̀. Bíbélì kò dárúkọ rẹ̀, àlàyé ibẹ̀ á sì jẹ yín ní àkókò.

*Ìsopọ̀:* "Èlíṣà gbọ́ igbe yìí tán, kò mú owó jáde. Ìbéèrè ló mú jáde."

10:28. Kókó kejì: "àfi"
Ibí ni ọkàn ìwàásù yín wà. Ìṣẹ́jú 9 ni mo fún un.
- Ẹ bi ìjọ: "Kí ni o ní nílé?" Ẹ tún un bi. (Ẹ ka ení dé àrún nínú ara yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀.)
- Ìdáhùn opó: kò sí nǹkan kan, àfi ìkòkò òróró kan. Ẹ fa ọ̀rọ̀ náà gùn: "Àfi." Nínú ìwé yín, ojú-ewé kẹfà ni ẹ tó dé orí rẹ̀. Mo gbé e wá síwájú nítorí pé òun ló gbé gbogbo ìyókù ró.
- Ẹ yà á fún wọn bí àwòrán: ó ti wo igun ilé gbogbo, ó ti ka gbogbo ohun tó ṣeé tà. Ìkòkò yẹn wà níbẹ̀ látàárọ̀, ojú rẹ̀ ń fò ó kọjá, títí ẹnìkan fi bi í.
- Wòlíì kò bu òróró tirẹ̀ fún un. Èyí tó wà nílé náà ló pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ rọ ohùn níbí. Àwọn opó wà láàárín ìjọ. Kó má dà bíi pé ẹ ń bá wọn wí.

*Ìsopọ̀:* "Òróró ti wà. Kí ni a ó rọ ọ́ sí?"

10:37. Kókó kẹta: ohun èlò òfìfo
- Ọ̀dọ̀ gbogbo aládùúgbò ló ti yá wọn, kì í sì í ṣe díẹ̀.
- Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Àwọn tí olówó fẹ́ kó lọ ni wọ́n ń gbé ohun èlò fún un.
- Ẹ tún ẹsẹ 6 kà. (Ìdákẹ́.)

Nínú ìwé yín, ẹ ti kọ ọ́ pé àìnígbàgbọ́ rẹ̀ ló dá òróró dúró. Ẹsẹ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun èlò ló tán. Mo fa igi lé e, ẹ dá a padà bí ẹ bá rí i pé ó yẹ.

Bí aago bá ti kọjá 10:39 kí ẹ tó dé ìpín yìí, ẹ fo ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ẹ ka ẹsẹ 6 nìkan. Ẹ má gé ìdákẹ́ kankan.

*Ìsopọ̀:* "Ó padà lọ sọ fún ènìyàn Ọlọ́run."

10:41. Ìkádìí
Ẹsẹ 7: ta òróró, san gbèsè, kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ máa jẹ ìyókù. "Olówó yóò dé. Owó rẹ̀ ni yóò gbà, kì í ṣe ọmọ." Ẹ ní kí olúkúlùkù di ojú, kó dárúkọ ohun kan tó ti ń pè ní "kò sí nǹkan kan" lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹ fún wọn ní odindi ìṣẹ́jú 1.

10:45. Àdúrà kúkúrú. Ẹ ti Bíbélì, àwọn akọrin yóò dìde láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n.