Dáre, mi ò ní gba ìwé àìsàn náà fún ọ

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2025.

Dáre àbúrò mi,

Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. “Sìstá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ dókítà kan níbi iṣẹ́ yín kí wọ́n kọ ìwé fún mi pé ara mi ò yá, kí n má baà dúró síwájú kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mi ò ní gbà á, Dáre. Inú ò bí mi sí ọ o, jẹ́ kí ìyẹn yé ọ kó o tó ka èyí tó kù. Ara rẹ yá, ẹnu rẹ náà ò sì ṣàìsàn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ ló ń dùn ọ́, ó ń dun èmi náà, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní “kò sí wàhálà, Sìstá mi,” ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

O ní nígbà tó ò ń dáhùn ìbéèrè olùkọ́ yín, o fẹ́ sọ “áfítà háfẹ́sìtì”, lẹ́yìn ìkórè, ó wá jáde ní “háfítà áfẹ́sìtì”. Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin kan sì ti sọ ọ́ ní Háfítà láti ọjọ́ náà. O ò tíì nawọ́ sókè mọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kó wa tẹ̀ lé àwọn dókítà lọ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n sọ ohun tó ń ṣe màmá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ojú ló ń dùn wọ́n. Mo fẹ́ pe ojú ní Gẹ̀ẹ́sì, “áì”. “Háì” ló jáde. Ẹnì kan nínú wa tún un sọ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́ọ̀dù sì hó yèè. Ọjọ́ yẹn ni mo pa ẹnu mi dé. Tí wọ́n bá bi wá ní ìbéèrè, màá wolẹ̀. Mo ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo ń yege ìdánwò, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ohùn mi.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn dókítà yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọdún mẹ́rin kan ká, wọ́n ń jíròrò. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí dírípù wà ni èmi dúró sí. Mo rí i tí ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà ń wú, tó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ ti yọ kúrò nínú iṣan, omi tó yẹ kó máa wọnú ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ẹran ara. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Mo tò ó lọ́kàn, mo tú u, mo tún un tò, mò ń wá èyí tí kò ní lẹ́tà éèṣì, ìyẹn H, nínú. Ọwọ́ gan-an ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí n tó tò ó tán, wọ́n ti sún lọ sí bẹ́ẹ̀dì mìíràn, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló sáré wá yọ dírípù náà, tí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ náà padà sọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Wọ́n bi mí pé ṣé mi ò rí i ni. Mo ní mo rí i. Wọ́n ní kí ló dé tí o ò fi sọ? Ẹkún gbọ̀n mí, mo sọ òótọ́. Wọ́n fà mí wọnú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó báńdéèjì sí, wọ́n di èjìká mi mú. “Bùnmi, o sọ pé áì, o sọ pé háì, gbogbo wa la mọ̀ pé ojú lò ń wí. Èyí tí o kò sọ rárá ni kò sẹ́ni tó lè mọ̀.”

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò tíì gbàgbé ọwọ́ ọmọ yẹn.

Mo tún fẹ́ kó o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu rẹ, torí ó jọ pé o rò pé òye rẹ ló kúrú. Èdè tó o fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní òfin tirẹ̀. A kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra wọn nínú Yorùbá, a kì í sì fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Àwọn Òyìnbó sún lẹ́tà mọ́ra wọn nínú búrẹ́dì. Àwa fi fáwẹ̀lì là á láàárín, a fi òmíràn dí i nídìí. Ohùn mẹ́ta la ní, sílébù kọ̀ọ̀kan sì ń gba tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn yòókù mì. Ní ti éèṣì, láti kékeré lo ti ń gbọ́ bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi í síbi tí kò sí, tí wọ́n ń yọ ọ́ níbi tó wà. Etí rẹ gbà á, ẹnu rẹ sì jíṣẹ́ ohun tí etí rán an.

Àwọn ará ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn ò ní èdè mìíràn lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, máa ń gbé éèṣì jù sílẹ̀. Ará Skọ́tíláǹdì ní bó ṣe ń pè é, ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀. Òyìnbó tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àkúrẹ́, ní kó pe Alágbàká fún ọ, kó o wo bí gb yẹn á ṣe dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ Íbò sínú ìwé nítorí pé ẹnu wọn ò ká Ìgbò.

Ṣé o rántí nígbà tí a lọ kí àbúrò Màmá ní Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń rẹ́rìn-ín nítorí pé o pe ilé ní ulé bí a ṣe ń pè é níbí? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. O kó ọwọ́ sẹ́yìn, o ní, “Ulé wa tóbi ju tiyín lọ.” Dáre yẹn ni mò ń wá.

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ ni ti àná, ọjọ́ Àìkú. O pe Màmá, o ń fi imú sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ò ń wò lórí fóònù, nínú Yorùbá gan-an. Màmá yọ fóònù kúrò létí, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n nà án sí mi. “Bùnmi, bá mi wo ẹni tó ń pè. Ṣé Dáre nìyí?” Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí Màmá mọ́, jọ̀ọ́.

Ìwọ tí àwọn ará ìjọ ṣì ń béèrè pé ìgbà wo lo máa wá ka ẹ̀kọ́ kejì fún wa. Bíbélì tó o máa ń kà yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Kírọ́ọ̀tà wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni wọ́n, wọ́n kó wọn lẹ́rú ní 1821, Fìrítáùn ni wọ́n ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí Yorùbá ti jókòó lẹ́nu wọn. Ní 1864, Kántábérì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi wọ́n jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Yorùbá tó ti jókòó yẹn ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ tí à ń jẹ èrè rẹ̀ títí dòní.

Wàyí o, Ọjọ́bọ̀. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lo máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Ta ló ti fọwọ́ kàn án rí nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí Bàbá mú ọ lọ sóko lọ́nà Ìdànrè lẹ́yìn òjò, tí wọ́n fi àmì kékeré kan hàn ọ́ lára èso, kò ju orí ìka lọ. Nígbà tẹ́ ẹ fi máa padà débẹ̀, gbogbo èso náà ti dúdú, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì ti bò ó. Bàbá ní ká ká a, ká gbé e jìnnà sí ìdí igi, torí òjò tó ń ta lé e lórí ló ń gbé àrùn náà lọ bá àwọn tó kù. Wọ́n ní ká gé ẹ̀ka tó dí, kí atẹ́gùn ráyè wọlé. Ìwé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á ti kà á. Orúkọ Fàìtófítọ́rà, ohun tó ń fa àrùn náà, tó sì ń bà ọ́ lẹ́rù, láti inú èdè Gíríìkì ló ti wá; gbogbo yín lẹ jọ máa kọ́ ọ.

Èyí tó yẹ ká tún ṣe, a ó tún un ṣe, torí kí wọ́n lè gbọ́ ọ yékéyéké. Gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu rẹ. Tí o bá pe “háfẹ́sìtì”, èémí gbígbóná gbọ́dọ̀ kàn án, bí ìgbà tó ò ń há èémí sí gíláàsì kó o tó nù ún. Tí o bá pe “áfítà”, kó má kan nǹkan kan. Mú báírò pupa, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní éèṣì nínú ohun tó o máa kà, kó o sì máa pè wọ́n láràárọ̀ bẹ́ẹ̀. Gba ohùn rẹ sílẹ̀ lórí fóònù kó o gbọ́ ọ. O ò ní fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, rọra sọ̀rọ̀. Ìkánjú ló ń da éèṣì rú mọ́ ọ lọ́wọ́, mo mọ̀ ọ́.

Tí ọ̀kan bá bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, má tọrọ àforíjì, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Ọmọkùnrin tó ń pè ọ́ ní Háfítà, tó bá pè ọ́ ní Dáre, dá a lóhùn. Tí kò bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, o ò gbọ́.

Mi ò níṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Pè mí ní aago mẹ́fà, kó o kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ní òjò ọdún yìí pọ̀, wọ́n ti ń rí èso dúdú lóko. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ kó o lè fi han kíláàsì. Fọ́tò mẹ́ta ti wà lórí Wásáàpù rẹ báyìí. Nínú èkejì, ọwọ́ Bàbá ló di èso náà mú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bùnmi