Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lónìí

Ìyá Ifẹ́, Ọjọ́bọ̀, 11:26 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé, bóyá ẹ wà ní báńkì. Mo fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ yín láti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní aago 12. Wọ́n ti ilé ìwé Ifẹ́ lójijì, wọ́n ní ká wá kó àwọn ọmọ. Mò ń kọ bó ṣe jẹ́ ránṣẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á kẹ́ ẹ tó dáhùn.

11:38

Sà, aago 11 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tíṣà rẹ̀ pè. Òjò tó ń rọ̀ láti àárọ̀ yìí, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lára ní Ṣómólú níbí. Ní Alápẹrẹ lọ́hùn-ún, gọ́tà ti kún, omi sì ti ya wọ ọgbà ilé ìwé. Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ló wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n ti kó wọn lọ sókè sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Prámárì 5. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí òbí kọ̀ọ̀kan wá mú ọmọ rẹ̀ kó tó di aago 1, torí òjò kò tíì dá, omi sì ti ń sún mọ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé kò lè jáde, ojú ọ̀nà tó ń gbà kò ṣeé rìn.

Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè lọ. Mo ti wá a sà. Bàbá Ifẹ́ gbé èrò lọ sí Ìlọrin láti ìdájí, ìgbà tí mo pè é, ó ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Sùlíyà tó máa ń bá mi mú un ní aago 3, ẹ rántí pé Máìlì 12 ló ti ń ta tòmátì. Ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọ́n ń já a lọ́wọ́, kò lè fi í sílẹ̀ nínú òjò. Màmá mi wà ní Ìkòròdú. Kí orúnkún wọn tó jẹ́ kí wọ́n dé Kétu, èmi á ti lọ, á sì ti bọ̀.

Túndé ní kí n jẹ́ kí òun lọ bá mi mú un wá. Ọlọ́run á bù kún un, àmọ́ wọn ò ní fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá wà lórí káàdì ọmọ nìkan ni wọ́n ń fún, èmi àti Ìyá Sùlíyà ló sì wà lórí ti Ifẹ́. N kò tiẹ̀ lè bínú sí wọn. Èmi gan-an ni mo dìde nípàdé òbí lọ́dún tó kọjá tí mo ní kí wọ́n má ṣe gbojú fo òfin yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú Màmá Ìjẹ̀bú ló wà lọ́kàn mi, ó sì dá mi lójú pé òun náà ló wà lọ́kàn tiyín. 300 ni. Aago 4 ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o, torí wọ́n fẹ́ dé Ìjẹ̀bú kí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí. Ibi tá a bá a dé rèé: gbogbo pépà ni a ti ká, a sì ti tò ó. Mo ti kan píìnì sí 210, ó ku 90. Lẹ́yìn ìyẹn, ká gé etí rẹ̀ ló kù, ká sì dì í ní 50-50. Túndé lè kan 90 yẹn láàárín wákàtí kan bí kò bá dá ọwọ́ dúró, Bọ̀dá Láídé á sì gé e. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Láídé ní tí àwọn bá ti fọ inki ara ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù tán, àwọn á bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìgéwé.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lẹ́rù ni pépà tá a tún tẹ̀ lánàá, èyí tí ojú ewé 9 wà lára rẹ̀. Ẹ rántí pé 78 la kọ́kọ́ kọ sí ọjọ́ orí màmá dípò 87. Ojú ewé 9 kò dá wà, òun àti 16 ló jọ wà lójú kan, 10 àti 15 wà lẹ́yìn wọn. Torí náà, bí èèyàn bá ṣí ìwé yẹn láàárín, kò ní rí i, àfi kó ṣí ojú ewé 9 gan-an. Àwọn tá a bàjẹ́ wà lábẹ́ tábìlì, ẹ̀yin náà lẹ ní ká fi wọ́n gé jọ́tà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí ẹnì kan má lọ ṣì wọ́n mú. Mo ti kó wọn kúrò níbẹ̀ báyìí, mo tì wọ́n mọ́ yàrá pépà.

Owó tó kù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yẹn jẹ́ ₦110,000, wọ́n ti san ₦250,000 tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fún Túndé pé kó má gba àwòrán tí wọ́n bá fi hàn án lójú fóònù. Kó pè yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá aláàtì ti wọlé, kó tó gbé páálí kankan fún wọn.

Ohun tí mò ń tọrọ kò ju pé kí n lọ ní aago 12. Lọ́nà tí òjò ti bà jẹ́ yìí, n kò lè ṣèlérí pé màá padà kó tó di aago 5, n kò sì fẹ́ parọ́ fún yín. Wákàtí márùn-ún ni mo máa jẹ yín. Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi, àmọ́ màá wá láti aago 8 sí aago 1, màá fi ká ìwé ìpè ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ẹ yọ ọ́ nínú ọjọ́ ìsinmi mi, ó wà lọ́wọ́ yín sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n lọ mú ọmọ.

Ọ̀gá, 11:49

Inú báńkì ni mo wà, wọn ò jẹ́ ká gbé fóònù. Ìyá Ifẹ́, oṣù tó kọjá náà o tètè lọ nítorí ọmọ yìí. Kì í ṣe pé mi ò láàánú o. Ta ló máa bá mi yẹ iṣẹ́ yẹn wò? Túndé kì í fara balẹ̀ kàwé. Ọ̀rọ̀ òkú ni, a ò lè tún un tẹ̀ tí wọ́n bá ti sin màmá tán.

Ìyá Ifẹ́, 11:54

Òótọ́ ni sà, n kò ní jiyàn. Ti oṣù tó kọjá, ibà ló mú un, wọ́n ní kí n wá gbé e lọ sọ́sípítù. Ìgbà méjì péré nìyí láti oṣù kìíní, ti àkọ́kọ́ yẹn sì ni mo padà wá parí ní ọjọ́ Sátidé.

Ti yíyẹ iṣẹ́ wò, mo ti ń ṣe é bí mo ṣe ń kọ̀wé sí yín yìí, ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè dáhùn. Mo ṣí ojú ewé 9 nínú 90 tí a kò tíì kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bá 78 nínú méjì. Ẹ wò ó sà! Mo ti yọ wọ́n, mo ti fi tuntun rọ́pò. 210 tí mo kàn fúnra mi, ojú mi ni mo fi yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe ń kàn wọ́n. Nítorí náà, kò sí ohun tí Túndé máa kà mọ́. Píìnì ló kù. Bọ̀dá Láídé ní àwọn á tún ṣí mẹ́wàá nínú páálí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dì í.

Ọ̀gá, 11:57

Méjì kẹ̀? Ọlọ́run yọ wá. O ṣeun.

Máa lọ. Má wọ kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ́ la inú omi kọjá, jọ̀ọ́. Tan fóònù rẹ o, bí Túndé bá ní ìbéèrè. Sátidé, aago 8 gééré.

Ìyá Ifẹ́, 11:58

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Ẹ̀mí yín á gùn. Mo ń lọ.

12:41

Mo ti wọ bọ́ọ̀sì ní Fádéyí, a ti ń dé Ọ̀jọ́tà. Ọkọ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀. Nírú ọjọ́ báyìí ni èèyàn ń rántí ọ̀kadà, àmọ́ láti 2022 tí ìjọba ti lé wọn ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ló kù. Túndé ti fi àwòrán ránṣẹ́, ó ní ó ku 40.

1:22 ọ̀sán

Mo ti mú un sà. Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo débẹ̀, ọmọ mẹ́rin péré ló kù. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi ní géètì. Gáàdì ilé ìwé ló gbé Ifẹ́ sẹ́yìn jáde, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ tíṣà. Ó ń bínú pé mi ò jẹ́ kí òun wẹ̀.

Wọn ò tíì sọ bóyá wọ́n máa ṣí lọ́la. Kí ìyẹn má bàa tún di wàhálà, mo ti bẹ màmá mi, wọ́n máa wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi bí òjò bá dá. Mi ò ní pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́la.

Ọ̀gá, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti kó o lọ. Aláàtì wọlé pé. Ọmọ wọn obìnrin tó wá kó o dúró ka ojú ewé 9 yẹn níwájú mi, ó ní ó dára. Ifẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti jẹun?

Túndé fẹ́ kó pépà fún iṣẹ́ ọ̀la, kò rí kọ́kọ́rọ́ yàrá pépà. Ibo lo fi sí?

Ìyá Ifẹ́, 4:20

Áà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Inú báàgì mi ló wà. Ó ti jẹun, ó sì ti sùn. Màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní aago 7 ààbọ̀ lọ́la kí Túndé tó dé.