Gàrí Kíkan: ohun tí à ń ṣe àti àwọn tí à ń ṣe é fún

Ẹ̀gẹ́ là ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, gàrí là ń tà. Gàrí Ìjẹ̀bú ni, funfun, tó kan, tí a kò da epo sí. Irú kan ṣoṣo yìí là ń ṣe.

Ilé iṣẹ́ wa wà lẹ́yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 2016 la bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan àti agbada méjì. Agbada ti di mẹ́fà báyìí, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnlá.

Àwọn oníbàárà wa kò pọ̀ ní irú. Àwọn ìyá tó ń fi kóńgò wọn gàrí lọ́jà ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olóúnjẹ tó ń ro èbà fún èrò lójoojúmọ́, àti àwọn ilé ìwé tí ọmọ ń gbé. Àpò 50 kílò àti 25 kílò là ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ kóńgò méjì fún ilé rẹ̀, kó jọ̀wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ọjà. Àwa la tà á fún wọn, kò sì yẹ ká tún máa bá wọn du oníbàárà wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá dé la ń bó o, torí tí wọ́n bá ti wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó kí inú rẹ̀ máa dúdú. A ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kó kan. Lẹ́yìn náà la ó fi jáákì fún omi rẹ̀ dànù, a ó kù ú, a ó yan án. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ló ń dín in kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gé ọjọ́ kù, kì í ṣe adùn nìkan ló ń gé.

Àwa náà ti gé e rí. Ọdún kan tí Kérésì kù dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè wá, a yan èyí tó lo ọjọ́ méjì péré. Ìyá kan dá àpò mẹ́wàá padà. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ lójú wa, ó jẹ ẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí ò kan o. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?” A dá owó rẹ̀ padà. Látìgbà náà, a máa ń kọ ọjọ́ tí a rin ẹ̀gẹ́ àti ọjọ́ tí a yan gàrí sára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Iye owó wa lè ju ti ẹlòmíràn lọ díẹ̀. Nínú 100 kílò ẹ̀gẹ́, nǹkan bí 20 sí 25 kílò gàrí la ń rí. Omi àti èèpo ló kó ìyókù lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ bá le, tí wíwú ẹ̀gẹ́ di ogun, owó a tún gbéra.

Iṣẹ́ tí a gbà

Kí ẹni tó ń fi gàrí ṣòwò, tàbí tó ń fi bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, rí gàrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó gbẹ, tí kò ní iyanrìn, lọ́jọ́ tí a dá fún un. Kí àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ náà sì gba owó rẹ̀ kí ọkọ̀ wa tó kúrò lóko.

Ohun tí a kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé a fẹ́ di aṣáájú ní gbogbo Áfíríkà. A pa á rẹ́. Áfíríkà kọ́ ló ń ra gàrí lọ́wọ́ wa.

“Tó gbẹ” tí a sọ yẹn, ẹ lè dán an wò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ ọwọ́, kí ẹ ṣí ọwọ́. Bó bá dì pọ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wa. “Ọjọ́ tí a dá” náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: bí a bá pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ, àwa la ó san owó ọkọ̀.

A kì í ṣe láfún, a kì í ṣe fùfú, a kì í sì í yan gàrí elépo fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ là ń kó ọjà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ ní ọjọ́ Ajé, kó ti sọ fún wa ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀, torí ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò ṣeé sún.