Ọ̀rọ̀ ariwo alẹ́ inú ilé: sí Bàbá lanlọ́ọ̀dù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o Bàbá. Ara yín ńkọ́ sà? Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa. Èmi Ìyá Ìbejì ni o, fúláàtì ọwọ́ ọ̀tún ní àjà àárín, ilé yín tó wà l'Ápáta n'Íbàdàn. Mo fẹ́ pè yín ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, mo wá ní kí n kọ ọ́ sórí Wasáàpù kẹ́ ẹ lè rọra kà á.

Ariwo alẹ́ ni, Bàbá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣẹlẹ̀ o, mo ń mú un mọ́ra ni. Tó bá ti ń lọ sí aago mọ́kànlá alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti pa rọ́rọ́, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì, gbì, gbì, bí ìgbà téèyàn ń gún iyán nínú ògiri. Orin ni, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ohun tí olórin ń sọ, ìró ìsàlẹ̀ ẹ̀ yẹn nìkan ló ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá àwọn ọmọ ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná á máa gbọ̀n, àwọn kọ́ọ̀bù tí mo dojú wọn dé sórí tíréè á máa kan ara wọn kín-ín kín-ín, mo ti ń kó wọn sílẹ̀ kí n tó sùn báyìí. Tí ìyẹn bá dáwọ́ dúró, á tún ku wíwọ́ àga tàbí tábìlì lórí táìlì, gbrrr, ìyẹn gan-an ló máa ń jí ìyá ọkọ mi. Ìgbà mìíràn ó máa ń kọjá aago kan òru. Ti Fúráìdè àti Sátidé ò dùn mí, èèyàn á ṣe fàájì, gbogbo wa la ń ṣe é, ti àárín ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ.

Ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ tí bípì wọn ti ga. Dókítà sọ ọ́ lójú mi pé oorun jẹ́ ara ìtọ́jú wọn, pé ká má fi ṣeré. Tí wọ́n bá ti ta jí lóru, oorun ti lọ nìyẹn, wọ́n á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ìbejì náà ń múra Wáẹ̀kì, òru ni wọ́n máa ń kàwé tí ilé bá tòrò, èmi fúnra mi sì ní láti dìde ṣáájú aago márùn-ún kí n tó gbé ìrẹsì kaná fún àwọn tí mò ń tà fún. Ó ti ń hàn lára gbogbo wa.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ sí nìyí o, Bàbá: mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní ẹnì kan lọ́kàn tí mò ń fi pa mọ́. Òótọ́ ni pé mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Tí mo bá dúró sí pálọ̀ ó máa dà bí òkè, tí mo bá jáde sí ìdí àtẹ̀gùn ó máa dà bí ìsàlẹ̀. A tiẹ̀ ti sọ ọ́ láàárín ara wa, ẹni tó wà lókè pátápátá ní abẹ́ ẹsẹ̀ òun ló ti ń dún, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní orí òun ni. Àbúrò mi tó ń ṣe bíríkìlà ló là mí lóye, ó ní tí sípíkà bá jókòó sórí ilẹ̀ táìlì, dẹ́kìn ló máa gbé ìró ẹ̀, láti dẹ́kìn ó bọ́ sínú òpó, òpó á pín in káàkiri ilé, kódà ẹni tó gbé sípíkà sílẹ̀ lè dín in kù títí tó fi máa rò pé kò dún mọ́, torí ohùn tó ń lọ sókè ló ń gbọ́, kò gbọ́ èyí tó gba ilẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé yìí, ẹ mọ bí dẹ́kìn ẹ̀ ṣe so pọ̀. Torí náà ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má tiẹ̀ mọ̀ rárá pé ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé báyìí ni pé pàṣamọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan á kọjá, ẹnì kejì á máa bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọmọ ló ń bá wí, àwọn kan ti ń fi sí státọ́ọ̀sì. Ilé yìí kì í ṣe ilé ìjà, láti ìgbà tá a ti dé ibẹ̀ la ti jọ ń jẹ ti ọdún pọ̀, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ lórí ohun tí ẹnu àgbà lè tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n á ní ta ló lọ sọ fún Bàbá, á wá di ọ̀tá. Ẹ jọ̀ọ́ gbogbo wa ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, èmi náà wà níbẹ̀, torí àwọn ọmọ tèmi náà máa ń ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ bí irú èyí sórí gúrúùpù ilé, mo kọ ọ́ kó má baà dà yín láàmú:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ ká jọ máa dín ohùn rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti sípíkà kù láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tó bá ní sípíkà ńlá, kó fi fóòmù sábẹ́ ẹ̀, kó má fi kan ògiri. Ká fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ àga àti tábìlì. Kí jẹnẹrétọ̀ náà kú ní aago mẹ́wàá, àyàfi tí aláìsàn bá wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó kó sọ fún wa ṣáájú. Gbogbo wa lọ̀rọ̀ kàn."

Aago mẹ́wàá sí mẹ́fà yẹn, èmi kọ́ ni mo dá a sọ o. Òfin ariwo tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2009 náà ló pe àsìkò yẹn ní alẹ́, 50 dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n fi sí ilé gbígbé lójú ọ̀sán, 35 lóru. Mi ò ní ẹ fi òfin dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, mo kàn sọ ọ́ kó má dà bíi pé aago tó wu ẹnì kan la mú ni.

Èmi á ra rọ́bà ẹsẹ̀ àga tiwa lọ́la, tí ẹlòmíì bá fẹ́ mo lè bá a rà á pọ̀. Tó bá sì rọ̀ yín lọ́rùn láti wá lópin oṣù nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá wo tánkì omi, ẹ sọ fún mi kí n se oúnjẹ sílẹ̀ ká lè jọ jókòó nísàlẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ni mo máa ń wà nílé, ẹ lè pè mí nígbàkígbà lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ẹ ṣeun gan-an Bàbá, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Ọlọ́run á fún yín ní ìlera.

Ọmọ yín,
Ìyá Ìbejì